Bí A Ṣe Ń To Tébù Rìpọ́ọ̀tù Dónọ̀: Iṣẹ́ Tá A Ṣe, Ìndíkétọ̀ àti Tágẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ń dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tébù tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn Ẹ́ńjíò wa, ohun tá a ṣe ló máa ń kún inú ẹ̀: a ṣèpàdé, a lọ kí Baálẹ̀, a ṣe tìréníìnì ọjọ́ mẹ́ta, a ra páìpù, gbogbo ẹ̀ á tò lọ rẹrẹ, tágẹ́ẹ̀tì á wá dúró lápá ọ̀tún bí àlejò tí ò sẹ́ni tó mọ ẹni tó pè é. Dónọ̀ tó bá ka irú ẹ̀ máa rí i lóòótọ́ pé ẹ ò fọwọ́ lẹ́rán, àmọ́ kò ní mọ̀ bóyá ẹ dé ibi tẹ́ ẹ ní ẹ máa dé. Ìparí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ tébù yìí. Ìndíkétọ̀, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa kà tàbí wọ̀n láti fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ yọrí, èyí tẹ́yin àti dónọ̀ jọ fọwọ́ sí, lẹ máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ẹ ó wá máa bi ara yín pé iṣẹ́ wo gan-an la ṣe tó bí nọ́ńbà yìí, ìwé wo ló sì jẹ́rìí sí i.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa wà lójú òfuurufú, ẹ jẹ́ ká mú pùrójẹ́ẹ̀tì kan ká sì dìrọ̀ mọ́ ọn dópin. Ká ní ẹ ń tún bóhòlù onípáḿpù ọwọ́, Íńdíà Máàkì Túù yẹn, ṣe ní abúlé 12 lápá Ìbàràpá, oṣù 18 ni iṣẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2025, ẹ sì ń kọ rìpọ́ọ̀tù kọ́tà kejì, ìyẹn oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Àpẹẹrẹ lásán ni nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀, èmi ni mo gbé wọn kalẹ̀, àmọ́ irú wàhálà tó wà níbẹ̀ ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ omi rí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ lọ wá ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, kì í ṣe pùrópósà

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan, àmọ́ òun ló ti dójú ti èmi alára rí. Mo ṣí pùrópósà tá a kọ nígbà tá à ń tọrọ owó, mo da ìndíkétọ̀ inú ẹ̀ kọ sínú tébù, mo fi ránṣẹ́. Mi ò rántí pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n ti dín tágẹ́ẹ̀tì kan kù, wọ́n sì ti fi ọ̀rọ̀ méjì kún ìndíkétọ̀ kan. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń kọ í-mèèlì síra wa lórí nǹkan tí ì bá gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Torí náà, àfikún ẹ̀yìn ìwé àdéhùn tó ní síńgínéṣọ̀ lẹ máa lò, tí wọ́n bá sì ti ṣàtúnṣe ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ìwé àtúnṣe yẹn ló lórí.

Ẹ da ìndíkétọ̀ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, kódà tí gírámà ẹ̀ ò bá dáa. Ẹ wo èyí: "Iye bóhòlù tó ti bàjẹ́ tí a tún ṣe tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ àbẹ̀wò." Tẹ́ ẹ bá gé e kúrú sí "Bóhòlù tí a tún ṣe", ẹ ti yí nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń kà padà nìyẹn, a sì máa rí i níwájú bí "tó sì ń ṣiṣẹ́" yẹn ṣe máa já nọ́ńbà wa wálẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìndíkétọ̀ náà ni ò dáa lóòótọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí dónọ̀ pé kẹ́ ẹ jọ tún un ṣe, àmọ́ títí wọ́n á fi dáhùn, èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lẹ máa fi ròyìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ to kọ́lọ́ọ̀mù

Tí dónọ̀ bá fún yín ní fọ́ọ̀mù tiwọn, tiwọn lẹ máa lò, ẹ má fi kọ́lọ́ọ̀mù kankan kún un. Tí wọn ò bá fún yín, kọ́lọ́ọ̀mù mọ́kànlá yìí tó, ẹ dojú ìwé dùbúlẹ̀ kó lè gbà á. A ni nọ́ńbà ìndíkétọ̀, B ni ìndíkétọ̀ fúnra ẹ̀, C ni béésìláìnì, ìyẹn bí nǹkan ṣe rí ká tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oṣù tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. D ni tágẹ́ẹ̀tì gbogbo pùrójẹ́ẹ̀tì, E ni ibi tó yẹ ká dé ní òpin kọ́tà yìí látìbẹ̀rẹ̀, F ni ohun tuntun tá a rí ní kọ́tà yìí nìkan, G ni ibi tá a dúró sí báyìí látìbẹ̀rẹ̀, H ni pọ́sẹ́ǹtì. I ni iṣẹ́ tó bí nọ́ńbà náà, J ni ẹ̀rí, K ni àlàyé.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù ni H. Wọ́n á mú ohun tí wọ́n ṣe ní kọ́tà kan, wọ́n á fi tágẹ́ẹ̀tì oṣù 18 pín in, pọ́sẹ́ǹtì á wá kéré bíi pé wọ́n ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Bóhòlù 3 nínú 12 á fún yín ní 25, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò retí 12 lọ́wọ́ yín ní oṣù kẹfà. G lẹ máa fi E pín, torí pé àwọn méjèèjì ló ń ka látìbẹ̀rẹ̀ dé òní. Tí ìndíkétọ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà karùn-ún nínú Excel, fọ́múlà ẹ̀ nìyí:

```
=IFERROR(G5/E5,"")
```

Ìdí tí mo fi IFERROR sí i ni pé àwọn àpótí kan wà tí ọ̀rọ̀ máa wà nínú ẹ̀ dípò nọ́ńbà, tí ò bá sì sí ìyẹn, `#VALUE!` máa fọ́n ká ojú tébù yín, kò dáa lójú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ so iṣẹ́ mọ́ ìndíkétọ̀, kẹ́ ẹ wò ó láti ọ̀nà méjèèjì

Ẹ gbé ètò iṣẹ́ yín sílẹ̀, èyí tó ní 1.1, 1.2, 2.1 yẹn. Ẹ lọ ka ìndíkétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ tó bí i sí kọ́lọ́ọ̀mù I. Lẹ́yìn náà ẹ padà, ẹ wá ti apá iṣẹ́ lọ sí ìndíkétọ̀. Ìpadàlọ yìí ló máa fi nǹkan hàn yín. Ẹ máa rí iṣẹ́ tí ò ní ìndíkétọ̀ kankan, bíi kíkí Baálẹ̀ tàbí ìpàdé pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má dá ìndíkétọ̀ sílẹ̀ fún un o, àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, "iye Baálẹ̀ tí a kí", ta ló bi yín? Inú ìròyìn lẹ máa kọ ọ́ sí, tàbí kẹ́ ẹ fi sí I gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó gbè iṣẹ́ míì lẹ́sẹ̀. Ẹ tún máa rí ìndíkétọ̀ tí ò ní iṣẹ́ kankan ní kọ́tà yìí. Ìyẹn ò burú, tó bá jẹ́ pé àkókò ẹ̀ ni ò tíì tó, àmọ́ tó bá yẹ kí iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ò sì sí, ó sàn kẹ́yin fúnra yín ti rí i kí dónọ̀ tó rí i.

Iṣẹ́ kan lè bí ìndíkétọ̀ méjì. Títún bóhòlù ṣe, 1.2, ló bí iye bóhòlù, òun náà ló bí iye èèyàn tó ń rí omi. Ẹ kọ 1.2 sí ìlà méjèèjì, kò sí láìfí ńbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa yẹra fún ni pé kẹ́ ẹ kọ iṣẹ́ sí ibi tí nọ́ńbà máa wà. Kí F sọ pé "a ṣe tìréníìnì", nígbà tí ìndíkétọ̀ ń béèrè iye èèyàn tó parí tìréníìnì, ìdáhùn kọ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kíka èèyàn, ibi tí ìjà wà

Mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí. Ìndíkétọ̀ kẹta wa sọ pé: "Iye ọmọ ìgbìmọ̀ omi abúlé, obìnrin àti ọkùnrin, tó parí tìréníìnì." Ìgbìmọ̀ yìí làwọn òṣìṣẹ́ omi ń pè ní Wáṣíkọ́ọ̀mù. Àlàyé tó wà nínú àdéhùn sọ pé ẹni tó bá wá ó kéré tán ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta ló parí, àti pé ẹnì kan ò gbọdọ̀ wọnú nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì. Ní kọ́tà kejì a pe abúlé 4, èèyàn 12 látinú ìkọ̀ọ̀kan, tágẹ́ẹ̀tì kọ́tà náà jẹ́ 48.

Ẹ gbé ìwé àténdáńsì. Ọjọ́ kìíní èèyàn 38, ọjọ́ kejì 41, ọjọ́ kẹta 36. Ẹni tó ń kánjú máa rò ó pọ̀, á kọ 115, á sì máa yọ̀ pé a ti kọjá tágẹ́ẹ̀tì ní ìlọ́po méjì. Àmọ́ ìjókòó ni 115 yẹn, kì í ṣe èèyàn. Tẹ́ ẹ bá to orúkọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú síìtì kan ṣoṣo, kí oníkálukú ní ìlà kan, ẹ máa rí i pé èèyàn 44 péré ló wọlé síbẹ̀. Nínú 44 yìí, 34 wá lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 3 wá lọ́jọ́ méjì, 7 wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọn ò padà mọ́ (àwọn kan wá torí oúnjẹ, ẹ má jẹ́ ká tanra wa). Àwọn tó parí jẹ́ 37. Ẹ wá gbé orúkọ 37 yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ́tà kìíní, obìnrin méjì láti abúlé tó ti gba tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló tún wá jókòó. Kò burú pé wọ́n wá, àmọ́ a ti kà wọ́n. Ó ku 35: obìnrin 18, ọkùnrin 17.

Ṣé ẹ rí i bó ṣe rìn, 115, 44, 37, 35? Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jóòótọ́, àmọ́ 35 nìkan ló dáhùn ìbéèrè tí ìndíkétọ̀ béèrè. Kọ́tà kìíní mú 33 wá, obìnrin 17 àti ọkùnrin 16, torí náà G jẹ́ 68, obìnrin 35, ọkùnrin 33. Tágẹ́ẹ̀tì títí dé òpin kọ́tà kejì jẹ́ 84, abúlé 7 ní ọ̀nà 12, H á sì jẹ́ 81.

Síìtì tí mo ń sọ yẹn ò le. Ẹ fi kóòdù sí kọ́lọ́ọ̀mù A, orúkọ sí B, ọkùnrin tàbí obìnrin sí C (ẹ kọ OB tàbí OK, ẹ má kọ ọ́ ní oríṣi márùn-ún), abúlé sí D, ọjọ́ mẹ́ta sí E, F, G, kẹ́ ẹ kọ 1 sí ọjọ́ tó wá, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ tí ò wá sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. H á ka iye ọjọ́ fún un:

```
=SUM(E2:G2)
```

Obìnrin tó parí, níbi kan tó yàtọ̀:

```
=COUNTIFS(H:H,">=2",C:C,"OB")
```

Orúkọ ló máa ń dà á rú. Ìyá kan lè kọ orúkọ ọkọ ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kó kọ "Ìyá Sùúrù" lọ́jọ́ kejì, àwọn tí ò mọ̀wé á ní kí ẹlòmíì bá wọn kọ ọ́, olúwarẹ̀ á sì kọ bó ṣe gbọ́. Kò sí fọ́múlà tó lè yanjú ìyẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ fún kálukú ní nọ́ńbà ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹ kọ ọ́ sí káàdì kékeré tó máa gbé kọ́rùn, nọ́ńbà yẹn ló máa kọ lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta.

Ohun kan táwọn àgbà iṣẹ́ mọ̀: ọ́díìtọ̀ kì í wo àténdáńsì nìkan, ó máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sanwó ọkọ̀ lójoojúmọ́, iye ìgbà tẹ́ ẹ sanwó gbọ́dọ̀ jẹ́ 115, kó bá ìjókòó mu. Tó bá jẹ́ 144, ìyẹn 48 ní ọ̀nà mẹ́ta, a jẹ́ pé ẹnì kan sanwó fún àga òfìfo. Ẹ wò ó kí ìwé tó kúrò ní ọ́fíìsì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kì í ṣe gbogbo nǹkan la máa ń rò pọ̀

Ti tìréníìnì rọrùn ní ti pé ẹni tó bá ti kọ́ nǹkan ti kọ́ ọ ná, kọ́tà kejì á gun orí kìíní. Bóhòlù ò rí bẹ́ẹ̀, torí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí lè dákú lọ́la. A tún 3 ṣe ní kọ́tà kìíní, a tún 3 ṣe ní kejì, 6 nìyẹn. Àmọ́ nígbà tá a lọ ṣàbẹ̀wò ní oṣù kẹfà, ti abúlé 3 ti dá dúró, rọ́bà inú sílíńdà ẹ̀ ti jẹ, wọ́n á fa ọwọ́ páḿpù títí, omi ò ní gòkè. Ìndíkétọ̀ wa ní "tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ àbẹ̀wò". Nítorí náà F jẹ́ 3, G jẹ́ 5, kì í ṣe 6. Lórí tágẹ́ẹ̀tì 7, H jẹ́ 71. Ó dun ni, mo mọ̀, àmọ́ ẹni tí dónọ̀ máa rán wá á dé ìdí páḿpù yẹn, á sì fà á.

Iye èèyàn tó ń rí omi á tẹ̀lé e wálẹ̀. Àlàyé àdéhùn wa lo ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Yúníséfù ń lò fún omi tó tó ìwọ̀n ìpìlẹ̀: kí omi ti orísun tí wọ́n dáàbò bò wá, kí àlọ àti àbọ̀ má sì ju ìṣẹ́jú 30 lọ, pẹ̀lú ìgbà téèyàn fi tò sórí ìlà. Ó tún ní a ò gbọdọ̀ ka ju èèyàn 500 lọ fún páḿpù ọwọ́ kan, torí pé tí wọ́n bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà á gùn, ìṣẹ́jú 30 á kọjá.

Abúlé 1 ní èèyàn 620, a máa ka 500. Abúlé 2 ní 340. Abúlé 3, èyí tó bàjẹ́ yẹn, ní 390. Nínú rìpọ́ọ̀tù kọ́tà kìíní a kọ 1,230, ó sì tọ̀nà nígbà yẹn. Kọ́tà kejì: abúlé 4 ní 410, abúlé 5 ní 280, abúlé 6 ní 510, a ka 500, F jẹ́ 1,190. Tẹ́ ẹ bá rò wọ́n pọ̀ lásán ẹ máa rí 2,420. Ẹ yọ 390 abúlé 3 kúrò, wọ́n ti padà sídìí odò báyìí, G jẹ́ 2,030. Tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2,800, ó jẹ́ 72.5, a kọ 73. Ẹni tó bá fẹ́ fi F rò G máa rí i pé kò dọ́gba, torí náà ẹ kọ ìlà kan sí K tó sọ ibi tí 390 gbà lọ, kó má dà bíi pé ìṣirò ló ṣì yín lọ́wọ́.

Pọ́sẹ́ǹtì ní tiẹ̀, ẹ má rò ó pọ̀ rárá. Ìndíkétọ̀ kẹrin ni ìdá àwọn ilé tó ní ibi ìfọwọ́ tó ní omi àti ọṣẹ nígbà tá a wọlé. Béésìláìnì ẹ̀ jẹ́ 14, ìyẹn ilé 28 nínú 200, oṣù kìíní 2025. Ẹ kọ 28 àti 200 yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú 14, torí ẹni tó bá máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì nílò rẹ̀. Oṣù kẹwàá la máa tó wọ̀n ọ́n. Ní kọ́tà yìí, ẹ má kọ 0 o! 0 túmọ̀ sí pé a lọ wò ó, kò sí ilé kan tó ní ọṣẹ. Ẹ kọ "kò tíì tó àkókò, oṣù kẹwàá 2025".

Nígbà tó bá parí, àárín tébù yín á rí báyìí:

| A | B, ní ṣókí fún tiwa níbí | C | D | E | F | G | H |
|---|---|---|---|---|---|---|---|
| 1 | Bóhòlù tó ń ṣiṣẹ́ | 0 | 12 | 7 | 3 | 5 | 71% |
| 2 | Èèyàn tó ń rí omi | 0 | 4,800 | 2,800 | 1,190 | 2,030 | 73% |
| 3 | Ọmọ ìgbìmọ̀ tó parí tìréníìnì | 0 | 144 | 84 | 35 | 68 | 81% |
| 4 | Ilé tó ní ibi ìfọwọ́ | 14% | 50% | kò sí | kò tíì tó àkókò | kò tíì tó àkókò | |

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀rí

Kọ́lọ́ọ̀mù J kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ máa kọ "fọ́tò àti rìpọ́ọ̀tù" sí. Fọ́tò èèyàn ogún tó ń rẹ́rìn-ín nídìí páḿpù ò lè jẹ́rìí pé èèyàn 2,030 ń pọnmi níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ fáìlì gan-an tí nọ́ńbà náà ti wá, kẹ́ ẹ sì máa sọ gbogbo fáìlì lórúkọ lọ́nà kan náà, bíi `IND3_2025_K2_atendansi.pdf`. Ti bóhòlù, ìwé àbẹ̀wò tó ní ọjọ́, iye ìgbà tẹ́ ẹ fa ọwọ́ páḿpù kí omi tó dé, àti síńgínéṣọ̀ alága ìgbìmọ̀. Ti èèyàn, ìwé tẹ́ ẹ fi ka ilé sí ilé, pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa gbé tébù fún ẹnì kan ní ọ́fíìsì tí ò bá wa lọ sí abúlé, akántáǹtì ló sábà máa ń jẹ́, màá ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí 35 yìí ti wá". Tí ò bá rí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìpè mí, J ò tíì dáa.

Ẹ má fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ará abúlé ránṣẹ́ mọ́ tébù. Láti 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ní Nàìjíríà. Kóòdù lẹ máa fi ránṣẹ́, ìwé tó ní orúkọ á wà lọ́dọ̀ yín nínú fáìlì tó ní páásìwọ́ọ̀dù, tí ọ́díìtọ̀ bá wá, á wò ó níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: àlàyé tó ní orí àti ìdí

Ọ̀pọ̀ dónọ̀ ló máa ń fẹ́ àlàyé tí nọ́ńbà bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí tágẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àdéhùn yín, òun ló máa sọ iye tó jẹ́ gan-an. Kì í sì í ṣe tó bá lọ sísàlẹ̀ nìkan, tẹ́ ẹ bá ṣe 130 pọ́sẹ́ǹtì wọ́n á béèrè, torí ó lè jẹ́ pé tágẹ́ẹ̀tì ló kéré jù tàbí pé ẹ kà á lákàtúnkà.

"Òjò ló dá iṣẹ́ dúró." Mo ti ka gbólóhùn yìí débi pé ó ti sú mi. Ní Ìbàràpá, ta ni ò mọ̀ pé òjò máa rọ̀ ní oṣù kẹfà? Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́, ohun tẹ́ ẹ ń sọ ni pé ẹ ò wo kàlẹ́ńdà nígbà tẹ́ ẹ ń ṣètò. Àlàyé tó dáa máa ń sọ nǹkan mẹ́rin, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, ohun tẹ́ ẹ ti ṣe sí i, àti ìgbà tí nọ́ńbà máa padà bọ̀ sípò. Bí mo ṣe máa kọ ti ìndíkétọ̀ kìíní nìyí:

"Bóhòlù 4 ni a gbèrò fún kọ́tà yìí, 3 parí. Ní abúlé 7, páìpù tó ti dípẹtà já sínú kànga nígbà tí wọ́n ń fà á jáde. Mẹ́kánìkì ti rí orí páìpù náà, a ti háyà irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́, iṣẹ́ yóò parí ní oṣù kẹjọ. Ní abúlé 3, bóhòlù tí a tún ṣe ní kọ́tà kìíní dáwọ́ dúró ní oṣù kẹfà nítorí rọ́bà sílíńdà tó jẹ, ìgbìmọ̀ abúlé kò sì ní rọ́bà mìíràn nípamọ́. A ti ra rọ́bà tuntun, a ó pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù keje, gbogbo ìgbìmọ̀ ni a ó sì fún ní àpò rọ́bà kan láti tọ́jú. Tágẹ́ẹ̀tì 12 kò yí padà."

Ẹ wo bí gbólóhùn ìparí yẹn ṣe ṣe pàtàkì. Ohun tí dónọ̀ ń wá kiri nínú gbogbo àlàyé ni bóyá ẹ ṣì máa dé 12. Ẹ sọ ọ́ fún un tààrà. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní dé e, ìsinsìnyí gan-an lẹ máa sọ, nígbà tí wọ́n ṣì lè bá yín tún un tò, ẹ má dúró di oṣù kẹtàdínlógún.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ gbé tébù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rìpọ́ọ̀tù owó. Tí owó títún bóhòlù ṣe fún kọ́tà yìí bá ti tán pátá, tí tébù sì ń sọ pé 3 nínú 4 ló parí, ìbéèrè dé nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹ ti ra páìpù ìkẹrin sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí K kí wọ́n tó bi yín.

Tí kọ́tà kẹta bá dé

Ẹ da fáìlì kọ́tà kejì kọ, ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà, ẹ pa F rẹ́, ẹ gbé E sókè sí ibi tuntun, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan C àti D. Fáìlì kọ́tà kejì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ fi pamọ́ bó ṣe wà, tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe nínú ẹ̀ lẹ́yìn náà, inú K kọ́tà kẹta lẹ máa ti tún un ṣe ní gbangba, ẹ má lọ yí àtijọ́ padà ní kọ̀rọ̀.

Àti ti abúlé 3 yẹn. Ní oṣù keje tí rọ́bà tuntun bá wọlé, tí omi ń yọ, ó máa wù yín láti kọ bóhòlù 1 àti èèyàn 390 sí F bíi nǹkan tuntun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́tà kìíní ti ní wọn nínú F tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún kọ wọ́n, ẹni tó bá ro F kọ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ máa rí bóhòlù kan tó lé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. G nìkan ló máa gbé 1 àti 390 padà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí K pé: "Abúlé 3 ti padà ṣiṣẹ́, a ti kà á sí F ní kọ́tà kìíní."